Ìnáwó Àsansílẹ̀ àti Ìnáwó Àjẹsílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ti Ìwé Ọdún Ṣọ́ọ̀bù ní Houston

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Houston, tó sì tún ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, mọ bíìlì méjì kan dáadáa. Èkíní ni owó orí dúkìá. Nǹkan bí oṣù kọkànlá ni ọ́fíìsì owó orí Harris County sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíìlì ọdún náà ránṣẹ́, wọ́n sì ń fún èèyàn láyè di ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e láti san án. Èkejì ni inṣọ́ránsì. Ìyẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ẹ óò san án kí ààbò tó bẹ̀rẹ̀, ti ọdún kan gbáko sì ni. Bíìlì kan ń bèèrè owó nígbà tí ọdún ti lọ, èkejì ń bèèrè tirẹ̀ kí ọdún tó dé.

Bí ẹ bá ń kọ ìnáwó sílẹ̀ ní ọjọ́ tí owó jáde ní báńkì, ohun tí ìwé yín yóò máa sọ ni pé ẹ pàdánù ní oṣù kìíní àti ní oṣù tí ẹ san inṣọ́ránsì, pé èrè sì ń ya wọlé ní gbogbo oṣù yòókù. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ọjà ń tà bó ṣe ń tà; ọjọ́ ìsanwó nìkan ló yàtọ̀. Orí yìí wà fún ẹni tó fẹ́ mọ iye tí ọdún kan ná an ní tòótọ́, pàápàá ẹni tó ní alájọni tí wọ́n jọ ń pín èrè, ẹni tó fẹ́ yá owó ní báńkì, tàbí ẹni tó ń múra láti ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé: ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo ni owó yìí ṣiṣẹ́ fún? Bí owó bá ti jáde ṣùgbọ́n tí ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ fún kò tíì kọjá, ìnáwó àsansílẹ̀ nìyẹn. Ohun ìní yín ló ṣì jẹ́ títí ọjọ́ náà yóò fi kọjá. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá ṣùgbọ́n tí owó kò tíì jáde, ìnáwó àjẹsílẹ̀ ni. Gbèsè ni, kódà bí bíìlì rẹ̀ kò bá tíì tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ti ra ilé rí ní Texas ti fojú ara rẹ̀ rí ìṣirò yìí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé onílé kan ta ilé rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. Bíìlì owó orí ọdún yẹn kò tíì jáde, kò sì sẹ́ni tó tíì san kọ́bọ̀. Síbẹ̀, lórí ìwé tí tọ̀tún-tòsì ń fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà, wọ́n máa ń yọ owó orí oṣù mẹ́fà kúrò nínú owó tó yẹ kí olùtà gbà, wọ́n á sì fi dín owó tí olùrà máa san kù, nítorí pé olùrà ni bíìlì odindi ọdún yóò bá nílé nígbà tó bá dé. Ẹni tó ni ilé ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ni ìnáwó oṣù mẹ́fà náà. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún ìwé ṣọ́ọ̀bù yín kò ju ìyẹn lọ, àfi pé ẹ kò ní dúró di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á.

Ohun tí ẹ máa kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Àkọsílẹ̀ báńkì láti oṣù kìíní ọdún tí ẹ ń tì, títí dé òpin oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe fojú kéré oṣù méjì tó lé yẹn. Ibẹ̀ ni bíìlì ọdún àná máa ń sá pamọ́ sí.
- Ojú ìwé àkọ́kọ́ inṣọ́ránsì kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí ààbò sí. Rìsíìtì nìkan kò tó, nítorí ọjọ́ ìsanwó ló máa ń wà lára rìsíìtì.
- Bíìlì owó orí dúkìá ti ọdún yìí àti ti ọdún tó kọjá. Bí ti ọdún tó kọjá bá ti sọnù, ẹ lè wò ó lórí ìkànnì ọ́fíìsì owó orí náà.
- Àkọsílẹ̀ wákàtí tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.
- Bíìlì iná àti omi tó fi ọjọ́ tí wọ́n ka mítà hàn.
- QuickBooks tàbí irú ètò bẹ́ẹ̀, kí ẹ ti ṣí àkáùńtì méjì sínú rẹ̀: `Prepaid Expenses`, tó jẹ́ irú `Other Current Assets`, àti `Accrued Liabilities`, tó jẹ́ irú `Other Current Liabilities`.
- Ìwé kan, lórí Excel tàbí lórí tákàdá, tí ẹ fa ìlà mẹ́fà sí: orúkọ ìnáwó, iye owó, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, iye tó kan oṣù kan, àti iye tó ṣẹ́kù ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá.

Nínú gbogbo wọn, ìwé onílà mẹ́fà yìí ni mo kà sí jù. QuickBooks yóò gba nọ́ńbà yòówù tí ẹ bá fún un. Ìwé yìí ló máa sọ bóyá nọ́ńbà náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n jọ ra ilé kékeré kan ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Houston, tí wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ sínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2024: gàrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí, epo pupa, fírísà tó kún fún ẹja àti ẹran ewúrẹ́. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló ń bá wọn ṣe é. Àdéhùn wọn ni pé kí wọ́n pín èrè ọdún sí méjì ọgbọọgba. Ní òpin ọdún, ìwé tí wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí owó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde ní báńkì sọ pé èrè jẹ́ $21,000. Àbúrò ti fẹ́ kí wọ́n pín in kíá. Àwọn ohun tó wà nílẹ̀ nìwọ̀nyí.

Wọ́n ti san $7,200 fún inṣọ́ránsì ilé àti ọjà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2024, tó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 2025. Wọ́n ti san $1,200 fún inṣọ́ránsì omíyalé ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún. Wọn kò tíì san owó orí dúkìá ọdún 2024, tó jẹ́ $9,600. Ọ̀sẹ̀ méjìméjì ni wọ́n ń san owó òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n san gbẹ̀yìn sì dúró ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá. Wọ́n ka mítà iná gbẹ̀yìn ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá, wọ́n sì ti san ti ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pinnu iye tí ẹ kò ní yọ ara yín lẹ́nu lé

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ẹ yan iye kan tó jẹ́ pé ìnáwó tí kò bá tó o, ọjọ́ tí ẹ san án ni ẹ máa kọ ọ́ sí. Fún ṣọ́ọ̀bù tó tó báyìí, $200 tọ́ lójú mi. Owó ìkànnì ọdún kan tó jẹ́ $60 kò yẹ lóhun tí à ń pín sí oṣù méjìlá. Ẹ kọ iye náà sí orí ìwé onílà yín, kí ẹ sì máa lo ọ̀kan náà lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ń gbé e sókè lọ́dún tí èrè kéré, tó ń gbé e sílẹ̀ lọ́dún tí èrè pọ̀, ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún èrè ṣe ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pín ohun tí ẹ ti san sílẹ̀

Ẹ mú ojú ìwé àkọ́kọ́ inṣọ́ránsì, kí ẹ wo ọjọ́ tí ààbò bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe wo ọjọ́ tí ẹ sanwó. Ní Houston, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eréépá: inṣọ́ránsì omíyalé ti ìjọba àpapọ̀, NFIP, sábà máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ìsanwó kí ó tó ṣiṣẹ́. Owó tí wọ́n san ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ra ààbò láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ọjọ́ tí àsìkò ìjì líle ń bẹ̀rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, kò sí kọ́bọ̀ kan nínú $1,200 yẹn tó jẹ́ ti oṣù karùn-ún. Ohun tí ọjọ́ yìí ń sọ sì ju ìwé ìṣirò lọ: ẹni tó bá rò pé ààbò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí òun sanwó lè rí omi nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìní ẹni tó máa san án padà fún un.

Ìgbà tí owó bá jáde, ẹ má ṣe kọ ọ́ sí ìnáwó rárá. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí `Prepaid Expenses`. Lẹ́yìn náà, ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan tí ààbò fi ṣiṣẹ́, ẹ gbé ìpín oṣù náà kúrò níbẹ̀ bọ́ sínú ìnáwó. $7,200 pín sí méjìlá jẹ́ $600. $1,200 pín sí méjìlá jẹ́ $100. Nínú QuickBooks, ẹ ṣí `Journal entry` tuntun, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí:

```
12/31/2024              Debits    Credits
Insurance Expense       700.00
Prepaid Expenses                  700.00
```

Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, inṣọ́ránsì ilé ti lo oṣù mẹ́rin, ó ku mẹ́jọ: $4,800. Ti omíyalé ti lo oṣù méje, ó ku márùn-ún: $500. Àpapọ̀ ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ $5,300. Iye yìí gan-an ló gbọ́dọ̀ wà nínú `Prepaid Expenses`, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà mìíràn níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fo oṣù kan, tàbí kí ẹ ti ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ààbò bá bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù, ẹ lè fi ọjọ́ pín in, tàbí kí ẹ ka ìlàjì oṣù. Fún ṣọ́ọ̀bù kékeré, ìlàjì oṣù tó, bí ẹ bá ṣáà ti ń ṣe é bákan náà nígbà gbogbo.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka owó orí dúkìá kí bíìlì tó dé

Èyí ló máa ń ṣòro jù fún èèyàn láti gbà: kíkọ ìnáwó tí ẹnikẹ́ni kò tíì bèèrè. Ṣùgbọ́n owó orí ọdún 2024 jẹ́ ti oṣù kìíní sí oṣù kejìlá 2024. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ni òfin Texas ti so gbèsè ọdún náà mọ́ dúkìá. Bí oṣù kẹrin bá parí, ẹ ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, bíìlì ì báà dé, ì báà má dé.

Ní oṣù kìíní, ẹ kò tíì mọ iye tó máa jẹ́. Ẹ fi bíìlì ọdún tó kọjá ṣe ìwọ̀n. Ká ní ti ilé yìí jẹ́ $9,000 ní 2023, $750 ni ẹ máa kọ lóṣooṣù:

```
01/31/2024              Debits    Credits
Property Taxes          750.00
Accrued Liabilities               750.00
```

Nígbà tí ìwé HCAD, ilé iṣẹ́ tó ń díye lé dúkìá ní Harris County, bá dé, ẹ fi iye tuntun tó wà níbẹ̀ wo ìwọ̀n yín. Bí ẹ bá fẹ́ takò ó, ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ni ààlà, tàbí ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ bí ìyẹn bá pẹ́ jù ú lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe dín ohun tí ẹ ń kọ kù torí pé ẹ ti takò ó. Ẹ dín in kù lọ́jọ́ tí ìpinnu bá jáde.

Ká ní bíìlì dé ní oṣù kọkànlá, tó sì jẹ́ $9,600. Títí dé òpin oṣù kẹwàá, ẹ ti kọ $7,500. Oṣù mọ́kànlá nínú $9,600 jẹ́ $8,800, nítorí náà $1,300 ni ẹ máa kọ ní oṣù kọkànlá, kí ìwé lè bá òótọ́ dọ́gba, kí ẹ sì kọ $800 ní oṣù kejìlá. Ẹ má ṣe padà sẹ́yìn lọ tún oṣù kìíní títí dé oṣù kẹwàá kọ. Ìwọ̀n tí ẹ fi òótọ́ inú ṣe kì í ṣe àṣìṣe. Oṣù tí ẹ mọ̀ sí i ni ẹ ti ń tún un ṣe.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tó wúwo ju gbogbo ìṣirò lọ. Kíkọ gbèsè sílẹ̀ kò fi owó sí báńkì. Mo ti rí oníṣọ́ọ̀bù tí ìwé rẹ̀ mọ́ roro, tí `Accrued Liabilities` rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé owó náà ti di ọjà lórí pẹpẹ nígbà tí oṣù kìíní dé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ $800 sílẹ̀, ẹ gbé $800 lọ sí àkáùńtì báńkì mìíràn tí ẹ kò fi ń ra ọjà. Bí ọjọ́ 1 oṣù kejì bá bá bíìlì náà láìsan, ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ìtanràn àti ìdá kan èlé ló máa gorí rẹ̀ ní oṣù yẹn. Lórí $9,600, ìyẹn jẹ́ $672. Lóṣooṣù ni yóò sì máa gòkè; tó bá fi di oṣù keje, ó ti di ìdá méjìdínlógún, wọ́n sì tún lè fi owó agbẹjọ́rò tó ń gba gbèsè lé e.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gé owó òṣìṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ 31

Ọ̀sẹ̀ méjì tó kàn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, ó sì parí ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní 2025. Ọjọ́ 10 oṣù kìíní ni wọ́n máa san án. Ẹni tó bá ń yára lè sọ pé ọjọ́ mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá ló bọ́ sí ọdún àná, kí ó sì fi ìyẹn pín owó náà. Kò dára tó, nítorí ọ̀sẹ̀ Kérésì kì í rí bíi ti yòókù: ọjọ́ kan a ti pa, ọjọ́ kejì a ṣí pẹ́ títí nítorí èrò tó ń ra nǹkan ọdún. Wákàtí ni kí ẹ kà.

Nínú àpẹẹrẹ wa, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe 210 wákàtí ní ọ̀sẹ̀ méjì náà, 150 nínú rẹ̀ sì bọ́ sí ọdún 2024. Ní $14 fún wákàtí kan, $2,100 ni ìnáwó 2024. Ẹ má gbàgbé ìpín ti ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ fún Social Security àti Medicare, ìdá 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún, tó jẹ́ $160.65. Iṣẹ́ ọdún 2024 ló fà á, torí náà òun pẹ̀lú bọ́ sí 2024.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ pín bíìlì iná

Bíìlì tó kàn dé ní àárín oṣù kìíní: $960, láti ọjọ́ 13 oṣù kejìlá sí ọjọ́ 13 oṣù kìíní, ọjọ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Ìyẹn jẹ́ $30 lójúmọ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún bọ́ sí oṣù kejìlá, nítorí náà $570 jẹ́ ti 2024. Ẹ dúró di ìgbà tí bíìlì bá dé kí ẹ tó ti ìwé. Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ fi bíìlì oṣù kan náà ní ọdún tó kọjá ṣe ìwọ̀n. Ẹ má fi ti oṣù kẹjọ ṣe é: ooru oṣù kẹjọ ní Houston máa ń jẹ́ kí fírísà àti ẹ̀rọ atẹ́gùn ṣiṣẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà òtútù lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ tún èrè ṣírò

Èrè báńkì jẹ́ $21,000. Inṣọ́ránsì tó ṣì wà níwájú, $5,300, kì í ṣe ìnáwó 2024, nítorí náà a dá a padà: $26,300. Lẹ́yìn náà a yọ ohun tí ọdún ti jẹ tí a kò tíì san:

```
Property Taxes        9,600.00
Wages                 2,100.00
Payroll Taxes           160.65
Utilities               570.00
Total                12,430.65
```

Ó ku $13,869.35. Ká ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti pín $21,000, ẹnì kọ̀ọ̀kan ì bá mú $10,500 lọ sílé, nígbà tó jẹ́ pé $6,934 àti díẹ̀ ni ìpín rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, bíìlì owó orí ì bá bá àpò ṣọ́ọ̀bù lófìfo, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa dá owó padà. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ láàárín ọmọ ìyá kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ mọ́ ojúkòkòrò. Àwọn méjèèjì ka ìwé kan náà, ìwé náà ni kò pé.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìyàtọ̀ náà pọ̀ báyìí nítorí pé ọdún àkọ́kọ́ ni. Ní ọdún kejì, ẹni tó ń ka ọjọ́ báńkì yóò kọ owó orí 2024 sí ọdún 2025, ti 2025 yóò sì bọ́ sí 2026, nítorí náà ọdún kọ̀ọ̀kan yóò ru ẹrù ẹyọ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ọdún mìíràn. Àṣìṣe náà á wá rọra farapamọ́. Ìgbà tí yóò tún yọjú ni ọdún tí ẹnì kan bá fẹ́ kúrò nínú àjọṣe, tí iye dúkìá bá fò sókè, tàbí tí wọ́n bá ta ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọdún tí nọ́ńbà méjèèjì súnmọ́ra ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ yìí kò pọn dandan.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ yí i padà ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní

Ibí ni iṣẹ́ dáadáa ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ ti kọ $2,100 owó òṣìṣẹ́ sí 2024. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní, ètò ìsanwó yóò kọ gbogbo $2,940 sí ìnáwó 2025. Bí ẹ kò bá ṣe nǹkan kan, $2,100 ti wọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni pé kí ẹ yí àkọsílẹ̀ náà padà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún:

```
01/01/2025              Debits    Credits
Accrued Liabilities     2,100.00
Wages                             2,100.00
```

Nígbà tí $2,940 bá wọlé, $840 ló máa ṣẹ́kù lórí 2025, èyí tó jẹ́ 60 wákàtí ní $14. Ó bára mu. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún $160.65 náà, àti fún $570 ti iná.

Owó orí dúkìá ní tirẹ̀ kò nílò ìyípadà, nítorí ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá san án, ẹ kọ $9,600 náà sí `Accrued Liabilities`, kì í ṣe sí `Property Taxes`. QuickBooks lè rántí ibi tí ẹ kọ ọ́ sí lọ́dún tó kọjá, kí ó sì dábàá ibẹ̀ fún yín. Ẹ má ṣe tẹ̀ lé e láìwò ó.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé nǹkan kan ti wọ́

Bí `Prepaid Expenses` bá wà nísàlẹ̀ òdo, ẹ ti lo ju ohun tí ẹ san lọ. Bí ọjọ́ inṣọ́ránsì bá ti parí, tí owó rẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀, oṣù kan ti fò yín. Bí `Accrued Liabilities` bá ṣì ní owó orí 2024 nínú ní oṣù kẹta 2025, tó sì jẹ́ pé ẹ ti san án, ẹ ti kọ ìsanwó náà sí ibi tí kò yẹ, oṣù kìíní yín sì ń ru $9,600 tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ tẹ ìwé èrè jáde ní oṣù-oṣù, kí ẹ fi ojú tẹ̀ lé ìlà inṣọ́ránsì àti ìlà owó orí láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Ibi tí nọ́ńbà bá ti fò sókè tàbí tó di òdo, ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí rẹ̀, bíi $1,300 oṣù kọkànlá lókè yìí.

Àwọn nǹkan kan wà tó jọ ìnáwó àsansílẹ̀ tí kì í ṣe é. Owó tí ilé iṣẹ́ iná gbà dání lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ ń ṣí àkáùńtì, owó tí wọ́n máa dá padà ni. Kò sí oṣù tí yóò jẹ ẹ́ tán. Owó tí ẹ san ṣáájú fún àpótí èlùbọ́ tó ń bọ̀ lórí omi, ọjà ni yóò dà, ọjọ́ tí ẹ bá tà á ló sì di ìnáwó. Bákan náà, owó orí ọjà tí ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà, ìdá 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún ní Houston lórí ọjà tó kàn, kì í ṣe ìnáwó àjẹsílẹ̀ yín. Owó ìjọba ni, ẹ kàn ń bá wọn mú un dání.

Ohun mìíràn tí ẹ ní láti fi sọ́kàn ni pé ìnáwó àsansílẹ̀ kì í ṣe owó tí ẹ lè ná. Bí ẹ bá fagi lé inṣọ́ránsì ní àárín ọdún, ilé iṣẹ́ náà lè dá owó tó kéré sí èyí tó wà nínú ìwé yín padà. Lọ́jọ́ náà, ẹ yọ ìyàtọ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ kọ ọ́ sí ìnáwó oṣù yẹn.

Ìwé yìí àti ìwé owó orí ìjọba àpapọ̀

Ìwé tí ẹ fi ń pín èrè lè yàtọ̀ sí èyí tí akáùntáńtì yín fi ń ṣírò owó orí fún IRS. Òfin gba ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kékeré láyè láti ka owó ní ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde. Fún ọdún 2024, ààlà rẹ̀ jẹ́ ìpíndọ́gba ọjà $30 mílíọ̀nù lọ́dún. Bí ẹ bá ń lo ọ̀nà yẹn pẹ̀lú wọn, ọjọ́ ìsanwó owó orí dúkìá ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wọn. $9,600 tí ẹ bá san ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá bọ́ sí ìwé owó orí 2024. Bí ẹ bá san án ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní, ó di ti 2025. Nínú ìwé èrè tí ẹ ṣe ní orí yìí, 2024 ló ni ín lọ́nàkọnà.

Fún inṣọ́ránsì, ìlànà oṣù méjìlá wà: bí ààbò tí ẹ ra kò bá ju oṣù méjìlá lọ láti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí kò sì kọjá òpin ọdún tó tẹ̀ lé ọdún ìsanwó, ẹni tó ń ka ọjọ́ ìsanwó sábà lè yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inṣọ́ránsì méjèèjì inú àpẹẹrẹ wa bọ́ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá san ti ọdún mẹ́ta pọ̀, kò bọ́ sínú rẹ̀, ẹ óò ní láti pín in. Ẹ bi akáùntáńtì yín kí ẹ tó yí ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣe é padà, nítorí ìyípadà ọ̀nà ìṣirò máa ń nílò àṣẹ IRS. Ìwé onílà mẹ́fà náà ni kí ẹ mú lọ bá a, pẹ̀lú $21,000 lókè, $13,869.35 nísàlẹ̀, àti ìlà kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín wọn.